Kíndìnrín Bàbá Ìbejì: ìdí tí ẹ̀jẹ̀ ìyàwó rẹ̀ kò fi gbà á

Ọjà Balógun ní Erékùṣù Èkó ni obìnrin tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ yìí ti ń ta léèsì, ilé rẹ̀ sì wà ní Ṣómólú. Ìyá Ìbejì ni gbogbo ọjà ń pè é, orúkọ náà ni èmi náà yóò lò. Ó gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo sì ti yí àwọn ohun tí wọ́n fi lè dá a mọ̀ padà. Ẹni ọdún 41 ni nígbà tí wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ba kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì jẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìdùn ún rárá, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú, tí oúnjẹ kò sì wọlé mọ́. Kíríátíníìnì rẹ̀, ìyẹn ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí kíndìnrín máa sẹ́ dànù, ti lé ní míligíráàmù 11 nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ti obìnrin tí kíndìnrín rẹ̀ pé kì í sábà kọjá 1.1. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yẹ, ṣùgbọ́n l'Ékòó, àpò ẹni ló ń pinnu iye ìgbà téèyàn ń fọ ẹ̀jẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, “Dókítà, ẹ yọ ọ̀kan nínú tèmi fún un. O ni ẹ̀jẹ̀ mi, O ni tirẹ̀ náà. Kí la tún ń dúró dè?” Ó ti wádìí ọ̀rọ̀ ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀ kó tó wá, ọkàn rẹ̀ sì ti balẹ̀.

Òótọ́ ni pé ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ O ti ní áńtíbọ́dì, ìyẹn purotíìnì tí ara fi ń gbógun ti ohun àjèjì, tó ń bá A àti B jà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti kékeré, A àti B yìí kò sì mọ sára sẹ́ẹ̀lì pupa nìkan, wọ́n wà lára òpó ẹ̀jẹ̀ inú kíndìnrín pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kí n tó dá Bàbá Ìbejì lóhùn, ìyàwó rẹ̀ ni mo kọjú sí. Mo bi í pé, “Ìyá Ìbejì, oyún mélòó lẹ ti ní? Ṣé wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára rí?”

Ó kà wọ́n fún mi: ọmọ àkọ́kọ́, oyún kan tó wálẹ̀, ìbejì, àti àbígbẹ̀yìn. Nígbà tó bí àbígbẹ̀yìn, ẹ̀jẹ̀ ya lára rẹ̀ púpọ̀, wọ́n sì fa páìǹtì 3 sí i. Ilé ìwòsàn tó ti kọ́kọ́ fọ ẹ̀jẹ̀ náà tún máa ń fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára nígbàkígbà tí PCV rẹ̀ bá já wálẹ̀. Bàbá Ìbejì ló ni gbogbo oyún náà. Mo ti ń fura kí ó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé àyẹ̀wò kan wà tí a ó ṣe kí a tó sọ ọ̀rọ̀ kankan nípa iṣẹ́ abẹ, àti pé bí àyẹ̀wò yẹn bá kọ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀ tí a lè bẹ̀ ẹ́.

Kírọ́ọ̀sì-máàṣì ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ orúkọ yìí láti ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ti kíndìnrín yàtọ̀, nítorí kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa là ń wò. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ Bàbá Ìbejì, wọ́n ya àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí à ń pè ní límfósáìtì sọ́tọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n fa ti Ìyá Ìbejì, wọ́n jẹ́ kó dì, omi tó yọ sókè ni wọ́n mú, torí inú omi yẹn ni áńtíbọ́dì wà. Wọ́n da sẹ́ẹ̀lì ọkọ àti omi ẹ̀jẹ̀ ìyàwó pọ̀, wọ́n sì fi kọ́ńpílímẹ́ǹtì ehoro sí i. Kọ́ńpílímẹ́ǹtì jẹ́ àwọn purotíìnì inú ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ pé níbi tí áńtíbọ́dì bá ti lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì kan ni wọ́n ti ń péjọ, tí wọ́n á sì dá ihò sí i lára títí yóò fi kú. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kán aró sí i. Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè kì í jẹ́ kí aró wọlé; òkú sẹ́ẹ̀lì ni aró ń wọ̀.

Ohun tó ju 8 lọ nínú sẹ́ẹ̀lì 10 ti Bàbá Ìbejì ni aró wọ̀. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tuntun, wọ́n tún un ṣe, kò yí padà: àyẹ̀wò náà kọ̀.

Kí a lè mọ ohun tí áńtíbọ́dì náà ń wá gan-an, wọ́n ṣe àyẹ̀wò kejì. Nínú èyí, bíìdì kéékèèké tójú lásán kò lè rí ni wọ́n ń lò, oríṣi kan ṣoṣo nínú HLA, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ tó wà lára sẹ́ẹ̀lì, ni wọ́n sì lẹ̀ mọ́ bíìdì kọ̀ọ̀kan. Omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ bíìdì A2 àti B45 gidigidi, ó sì fi àwọn yòókù sílẹ̀. A wo àyẹ̀wò HLA ọkọ rẹ̀: A2 wà níbẹ̀, B45 wà níbẹ̀.

Ó tó àkókò láti ṣàlàyé HLA fún wọn. Mo ní kí wọ́n fojú inú wo bí ilà ojú ṣe rí láyé àtijọ́: ẹni tó bá rí i mọ ilé tí èèyàn ti wá kó tó bá a sọ̀rọ̀. Purotíìnì ni HLA, ó sì wà lójú ara gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó ní núkílọ́ọ̀sì nínú ara wa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó gbé ègé kéékèèké ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì síta, kí sẹ́ẹ̀lì T, ọ̀kan nínú àwọn límfósáìtì tó ń ṣọ́ ara, lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá fáírọ́ọ̀sì ti wọ ibẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì T kọ̀ọ̀kan ti kọ́ bí HLA ti ara rẹ̀ ṣe rí kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bó bá pàdé HLA ẹlòmíràn, bí ẹni pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ gbogbo sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ló ṣe máa ń rí i. Oríṣi HLA tó wà láyé pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ó sì pọ̀ jù láàárín àwa ènìyàn dúdú Áfíríkà. Nínú gbogbo rẹ̀, mẹ́ta la máa ń kọ́kọ́ wò fún kíndìnrín: A, B àti DR. A àti B yìí kì í ṣe ti ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀ o. Méjì méjì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nínú wọn, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá.

Báwo wáá ni áńtíbọ́dì sí HLA ọkọ ṣe dé ara ìyàwó? Ọmọ inú oyún gba ìdajì HLA rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Díẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ọmọ ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, pàápàá nígbà ìbímọ àti nígbà tí oyún bá wálẹ̀. Ara ìyá rí A2 tí kò mọ̀ rí, ó ṣe áńtíbọ́dì sí i, ó sì fi sẹ́ẹ̀lì tó máa rántí rẹ̀ pamọ́. Kì í ṣe gbogbo ìyá ọmọ nìyí ń ṣẹlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n bí oyún ṣe ń pọ̀ sí i ni ó ń wọ́pọ̀ sí i. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i lára náà kó ẹrù tirẹ̀ wá, torí sẹ́ẹ̀lì funfun àti pílétílẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ní HLA lára, ó sì lè ta áńtíbọ́dì àtijọ́ jí. Inú ẹ̀jẹ̀ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí HLA láyé. Ní ọdún 1958, Jean Dausset ní ilẹ̀ Faransé ń wo ẹ̀jẹ̀ àwọn tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára lọ́pọ̀ ìgbà, Jon van Rood ní Nẹ́dálándì àti Rose Payne ní Amẹ́ríkà sì ń wo ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá ọmọ. Ohun kan náà ni wọ́n bá pàdé, ìyẹn áńtíbọ́dì tó ń mú sẹ́ẹ̀lì funfun ẹlòmíràn.

Ìyá Ìbejì gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó wáá béèrè ìbéèrè tó jinlẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ. Ó ní, “Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ara mi kò lé àwọn ọmọ náà jáde nígbà tí mo gbé wọn sínú fún oṣù mẹ́sàn-án?” Ìdáhùn rẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì ibi ọmọ tó fara kan ẹ̀jẹ̀ ìyá kì í gbé HLA-A àti HLA-B síta rárá. Ara ìyá kò rí ohun tó máa gbá mú níbẹ̀. Kíndìnrín kò ní irú ìbòjú bẹ́ẹ̀. Bí a bá so kíndìnrín Bàbá Ìbejì mọ́ ọn lára, gbogbo òpó ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀, títí kan èyí tó tín-ínrín jù, ni A2 àti B45 kún.

Ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ rèé. Dókítà oníṣẹ́ abẹ á tú ìdè òpó ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kíndìnrín á pọ́n dáadáa bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń wọ̀ ọ́, ìtọ̀ lè kán díẹ̀ pàápàá. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí díẹ̀, áńtíbọ́dì tó ti wà nílẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ara òpó ẹ̀jẹ̀, kọ́ńpílímẹ́ǹtì á péjọ, pílétílẹ́ẹ̀tì á dì, ẹ̀jẹ̀ á sì dí gbogbo òpó náà pa. Kíndìnrín á dúdú, á rọ̀ jọ̀mùjọ̀mù, lójú àwọn tó ṣì ń rán ara aláìsàn pa. Kò sí oògùn tó ń dá a padà. Yíyọ ni wọ́n ń yọ ọ́. Ní ọdún 1969, Patel àti Paul Terasaki kọ ìwádìí kan tó yí iṣẹ́ wa padà títí di òní. Nínú 30 èèyàn tí kírọ́ọ̀sì-máàṣì wọn ti kọ̀ kí wọ́n tó gba kíndìnrín, 24 ni kíndìnrín náà kú lára wọn lójú ẹsẹ̀. Nínú 195 tí tiwọn kò kọ̀, 8 péré ni. Ẹni tó bá ka iye yìí kò tún ní gbé aláìsàn lọ sórí tábìlì láìṣe àyẹ̀wò yẹn.

Ìyá ọkọ rẹ̀, tó ti ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, ní bóyá orí tọkọtaya náà ni kò bára mu. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn. Mo ní, “Ìyá, ẹ má rò ó bẹ́ẹ̀ rárá. Ọmọ tó bí fún ọmọ yín ló fa áńtíbọ́dì yìí. Ká ní kò bímọ fún un ni, bóyá ìbá lè gba kíndìnrín rẹ̀.” Mo rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n di ọwọ́ ìyàwó ọmọ wọn mú.

Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló kàn. Mẹ́ta ni wọ́n: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, àbúrò rẹ̀ obìnrin, àti àbíkẹ́yìn tó jẹ́ ọkùnrin. Wọ́n ti pàdánù bàbá àti ìyá wọn. Níbí ni ìmọ̀ bí HLA ṣe ń jogún ti wúlò gan-an. Orí kúrómósóòmù kẹfà ni àwọn jíìnì HLA wà, wọ́n sún mọ́ ara wọn tó fi jẹ́ pé lódindi ni òbí fi ń fún ọmọ, bí ìdì kan. Bàbá ní ìdì méjì, ìyá ní méjì, ọmọ á mú ẹyọ kan lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, láàárín ọmọ bàbá àti ìyá kan náà, ìdá kan nínú mẹ́rin ni àǹfààní pé méjèèjì gba ìdì kan náà pátápátá, ìdá méjì nínú mẹ́rin ni pé ìdì kan ló pa wọ́n pọ̀, ìdá kan tó kù ni pé kò sí èyí tó pa wọ́n pọ̀. Òbí àti ọmọ máa ń pín ìdì kan nígbà gbogbo.

Ìdì tí Ìyá Ìbejì gbà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ni A30, B42, DR3. Èyí tó gbà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ni A23, B53, DR13. Ìdì kejì tí bàbá wọn ní ni A2, B58, DR15, ti ìyá wọn sì ni A33, B35, DR11. Àtinú àyẹ̀wò ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la ti to ti àwọn òbí pọ̀.

Ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin bá tirẹ̀ mu, ara rẹ̀ sì le koko. Ìdì kejì bàbá àti ìdì kejì ìyá ni ó gbà. Kò sí HLA kankan tó pa òun àti àbúrò rẹ̀ pọ̀, bẹ́ẹ̀ inú kan náà ni wọ́n ti jáde. Ohun tó ya gbogbo wọn lẹ́nu jù ni pé kírọ́ọ̀sì-máàṣì tirẹ̀ náà kọ̀. Ẹ wo ìdì bàbá tó gbà: A2 wà nínú rẹ̀. A2 wọ́pọ̀ láàárín àwọn èèyàn, áńtíbọ́dì tó wá láti ara oyún ọkọ kò sì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ni èyí. Ohun tó bá jọ A2 ni yóò bá jà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé áńtíbọ́dì kan ṣoṣo lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn tó fẹ́ ṣoore, kódà ó lè ti í mọ́ ọmọ tí aláìsàn bí. Ọmọ Ìyá Ìbejì èyíkéyìí tó bá gba A2 bàbá rẹ̀ kò ní lè fún un ní kíndìnrín bó bá dàgbà.

Àbíkẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dùn mí jù. Ìdì méjèèjì tí Ìyá Ìbejì ní lòun náà ní, láìku ẹyọ kan. Kírọ́ọ̀sì-máàṣì sẹ́ẹ̀lì funfun wọn mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n A ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, O ni ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Orí kúrómósóòmù kẹsàn-án ni jíìnì ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀ wà, kẹfà ni ti HLA, ọ̀kan kò sì ń tẹ̀lé èkejì. Àwọn ibi kan wà láyé tí wọ́n ti ń fọ áńtíbọ́dì A kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, tó sì ń yọrí sí rere, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kọjá agbára ìdílé yìí, ewu àkóràn rẹ̀ sì pọ̀ fún ẹni tó ń gbé ní Ṣómólú.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin gba A30, B42, DR3 bíi tirẹ̀, ó sì gba A33, B35, DR11 lọ́dọ̀ ìyá. Ìdajì ló pa wọ́n pọ̀. O ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò sí A2, kò sí B45. Wọ́n da sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ mọ́ omi ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, aró kò wọ̀ ọ́. A yẹ ọkàn rẹ̀ wò, a yẹ kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì, ìtọ̀ rẹ̀ àti ìfúnpá rẹ̀. Ó ti bí iye ọmọ tó fẹ́, ọkọ rẹ̀ sì bá a wá síbi tí a ti ṣàlàyé. Òun la mú.

Iṣẹ́ abẹ náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì l'Ékòó. Ọdún 2000 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn Sẹ́ǹtì Níkọ́láàsì, ní Erékùṣù Èkó níbí. Kíndìnrín àbúrò náà tọ̀ lórí tábìlì, kíríátíníìnì ẹ̀gbọ́n sì já wálẹ̀ sí 1.2 kí ó tó lọ sílé. Oògùn mẹ́ta tó ń dá ara dúró kó má baà kọ kíndìnrín náà ló ń lò lójoojúmọ́: takirolímúsì ní àárọ̀ àti ní alẹ́, maikofẹ́nólétì, àti pẹrẹdinísólóònù. Ìdajì tí kò pa wọ́n pọ̀ ni oògùn náà ń bá wa ṣọ́. Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì T tí ẹnì kan ní, láti 1 títí dé 10 nínú 100 ló lè dìde sí HLA ẹlòmíràn. Kò sí kòkòrò àrùn kan tí iye tó ń dìde sí i tó bẹ́ẹ̀. Takirolímúsì ń dí àmì tí sẹ́ẹ̀lì T fi ń pa iye ara rẹ̀ pọ̀. Bó bá kéré nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á pọ̀. Bó bá pọ̀ jù, òun fúnra rẹ̀ á ba kíndìnrín jẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wọn ọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ ní àárọ̀, kí ó tó lo ti àárọ̀ yẹn.

Oṣù karùn-ún ni nǹkan yí. Kíríátíníìnì rẹ̀ tó ti dúró sí 1.1 di 2.4. Kò sí ibà, kíndìnrín kò dùn ún, ìtọ̀ rẹ̀ kò sì dín ní ojú tirẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn tó gba kíndìnrín mọ èyí dáadáa: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló sábà máa ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́. Takirolímúsì rẹ̀ tí ó ti wà ní 8.2 ti já sí 1.9. Mo rò pé ó ti ń fo oògùn, torí owó rẹ̀ wọ́n. Ó bú sẹ́kún, ó ní òun kò fo ọjọ́ kan. Ó tú àpò rẹ̀ síta, oògùn mìíràn sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ó ti ń wúkọ́, ó sì lọ sí ilé ìwòsàn kan nítòsí ilé, wọ́n sì rí ikọ́ ife nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Oògùn ikọ́ ife tí wọ́n fún un dára, ìyẹn gan-an ló yẹ ẹni tí kò lo takirolímúsì. Ṣùgbọ́n rifampisíìnì wà nínú rẹ̀, rifampisíìnì sì máa ń mú kí ìfun àti ẹ̀dọ̀ túbọ̀ ṣe ẹ́ńsáìmù tó ń fọ́ takirolímúsì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, iye oògùn kan náà téèyàn ń gbé mì kò ní ju ìdá kékeré lọ nínú ẹ̀jẹ̀.

A fi abẹ́rẹ́ bu ègé tín-ín-rín lára kíndìnrín náà, a sì wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Límfósáìtì ti ya wọ àárín ẹran kíndìnrín, wọ́n sì ti ń wọ inú ògiri àwọn ọ̀nà tóóró tí ìtọ̀ ń gbà kọjá. Ohun tí sẹ́ẹ̀lì T ń ṣe nìyẹn: ó ń fara ti sẹ́ẹ̀lì tó ní HLA àjèjì, ó ń dá ihò sí i, ó sì ń tú purotíìnì tó ń pa á sínú rẹ̀. A tún kun ún láti wo C4d, àpá tí kọ́ńpílímẹ́ǹtì máa ń fi sílẹ̀ bó bá jẹ́ áńtíbọ́dì ló ń jà. Kò sí. Àyẹ̀wò bíìdì kò sì rí áńtíbọ́dì tuntun sí A33, B35 tàbí DR11. Ìyàtọ̀ yìí ló ń sọ oògùn tí a máa lò: sẹ́ẹ̀lì T ń gbọ́ ti sítẹ́rọ́ọ̀dù alágbára, áńtíbọ́dì kò gbọ́ tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó di dandan ká fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìpinnu náà kò rọrùn. Sítẹ́rọ́ọ̀dù alágbára lára ẹni tí ikọ́ ife ń ṣe lè jẹ́ kí ikọ́ náà gba gbogbo ara. A fún un ní mẹtai-pẹrẹdinísólóònù míligíráàmù 500 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, nítorí oògùn ikọ́ ife ti ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A sọ takirolímúsì rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta, à ń wọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, a sì ń wá rifabutíìnì, tí kì í fọ́ takirolímúsì tó rifampisíìnì. Nígbà tí a rí i, a pààrọ̀ rẹ̀, a sì tètè ń dín takirolímúsì kù bí iye rẹ̀ ṣe ń gòkè padà, kí ó má baà di májèlé. Kíríátíníìnì rẹ̀ bọ́ sí 1.5, ibẹ̀ ló sì dúró sí. Kò padà sí 1.1. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì T ti jẹ ti di àpá.

Ohun tí mo ń ṣọ́ fún un báyìí ni oríṣi kíkọ̀ kẹta, èyí tó ń gba ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí oògùn bá ń lọ sílẹ̀ lóòrèkóòrè, ara á ṣe áńtíbọ́dì tuntun sí ìdajì tí kò mọ̀, pàápàá sí DR àti sí DQ, tó jẹ́ ẹ̀yà HLA mìíràn, òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké á máa nípọn díẹ̀díẹ̀, purotíìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìtọ̀. A kò ní oògùn tó ń ṣẹ́gun rẹ̀ dájú. Ibí ni ìbáramu HLA ti ń sanwó rẹ̀: bí ohun àjèjì bá ti kéré tó lára kíndìnrín, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí áńtíbọ́dì lè dìde sí ṣe kéré tó. Nínú ìbejì tó jọra délẹ̀, kò sí rárá. Ìdí nìyẹn tí kíndìnrín tí Joseph Murray gbà lára ìbejì kan fún èkejì ní Bọ́sítìnì ní December 1954 fi ṣiṣẹ́ nígbà tí kò tíì sí oògùn kankan tó ń dá ara dúró.

Ẹ̀gbọ́n Ìyá Ìbejì ló mú ìbéèrè tó kù wá. SS ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan, fòníkú-fọ̀ladìde ti fẹ́ dá a lápá. Ó ní, “Dókítà, ẹ ní àbíkẹ́yìn wa bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mu pátápátá. Ṣé kò lè fún ọmọ mi ní mùdùnmúdùn eegun?” Kò lè ṣe é, àyẹ̀wò tí a ti ṣe ló sì sọ bẹ́ẹ̀. Ìdì kejì bàbá àti ìdì kejì ìyá lòun gbà, àbíkẹ́yìn gba ìdì kìíní méjèèjì. Ọmọ rẹ̀ kò lè pín ìdì kankan pẹ̀lú àbíkẹ́yìn láti ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mùdùnmúdùn sì le ju kíndìnrín lọ ní ti HLA, nítorí ọ̀nà méjì ni ìjà rẹ̀ ń gbà. Ara ọmọ lè kọ mùdùnmúdùn náà, pàápàá bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára lọ́pọ̀ ìgbà, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí fún Ìyá Ìbejì. Ṣùgbọ́n mùdùnmúdùn gan-an kó sẹ́ẹ̀lì T ti ẹni tó fúnni wá, àwọn wọ̀nyí sì lè kọ gbogbo ara ọmọ náà: awọ ara á súyọ pupa yẹ́ríyẹ́rí, ojú á pọ́n rúsúrúsú torí ẹ̀dọ̀, ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀. Irú èyí kì í sábà ṣẹlẹ̀ nínú kíndìnrín. Nínú mùdùnmúdùn, ó lè pa ọmọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wo A, B, C àti DR ní fínnífínní, tí wọ́n sì ń fẹ́ kí mẹ́jọ nínú mẹ́jọ bára mu. Àwọn kan ti ń lo òbí tó bá ọmọ mu ní ìdajì, tí wọ́n á fún ọmọ ní saikilofọ́sífámáìdì ní ọjọ́ kẹta àti ìkẹrin lẹ́yìn rẹ̀ láti pa àwọn sẹ́ẹ̀lì T tó ti dìde, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá àti bàbá kan náà tó bára mu pátápátá ṣì ni ẹni àkọ́kọ́ tí à ń wá.

Mo ní kí ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjì yòókù wá. Ọkùnrin inú wọn kò bá a mu ju ìdajì lọ. Obìnrin, ẹni ọdún 13, bá a mu mẹ́jọ nínú mẹ́jọ. AS ni, B ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, O ni ti arákùnrin rẹ̀. Bàbá wọn ti fẹ́ dìde nígbà tó gbọ́ B, torí ó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbíkẹ́yìn. Mo ní kó jókòó. Fún mùdùnmúdùn, ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀ kò dí ọ̀nà; wọ́n lè yọ sẹ́ẹ̀lì pupa kúrò nínú àpò mùdùnmúdùn náà kí wọ́n tó fi sí ọmọ lára, bó bá sì gbà á, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á kúrò ní O, á di B láàárín oṣù díẹ̀. AS kò dí i bákan náà. Ẹ̀jẹ̀ AS ni ọmọ náà á máa ṣe, fòníkú-fọ̀ladìde kò sì ní í dá a gúnlẹ̀ mọ́. Mo kọ lẹ́tà tó máa gbé wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ẹ̀jẹ̀, mo sì kọ sí i ní pàtàkì pé bí wọ́n bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ náà lára kí ọjọ́ náà tó dé, kí wọ́n sẹ́ sẹ́ẹ̀lì funfun kúrò nínú rẹ̀, kí ó má sì jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ará ilé rẹ̀ kankan.